Bí mo ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà lórí ìwé tí fáìlì rẹ̀ ti sọnù

Irú iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń gbé wá bá mi ni ti ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde tipẹ́, tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí fáìlì rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Ẹ̀dà bébà kan ló ṣẹ́ kù, wọ́n wá fi síkáánà yà á, ó di PDF. Ẹni tó ni ín á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ kàn bá wa yí i padà." Ó rí lẹ́tà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì gbà pé lẹ́tà ló wà níbẹ̀. Àmọ́ àwòrán ni gbogbo rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ fẹ ojú ìwé náà títí tí ọ̀rọ̀ kan á fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí i pé "m" tí ẹ ń kà kò ju àkójọ àmì onígun mẹ́rin kéékèèké lọ, àwọn kan dúdú, àwọn tó wà létí rí bí eérú, àwọn tó kù sì jẹ́ àwọ̀ bébà. Píkísẹ́lì là ń pè wọ́n. Kò sí ibi tí ẹ lè fi atọ́ka sí kí ẹ pa lẹ́tà rẹ́ kí ẹ sì tẹ òmíràn.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ẹni: kí a tún ojú ìwé náà tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí a tún àwòrán náà ṣe. Tí àtúnṣe bá ju ìlà kan lọ, tàbí tó bá máa ti ìlà tó tẹ̀ lé e kúrò ní àyè rẹ̀, n kì í bá àwòrán jà. Mo máa ń jẹ́ kí Tesseract, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ọ̀rọ̀ látinú àwòrán, ka ojú ìwé náà fún mi. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, `yor` ni orúkọ tó fún èdè wa. Lẹ́yìn náà ni màá jókòó ti bébà, tí màá sì yẹ ohun tó kà wò lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí ó máa ń fo àmì ìsàlẹ̀, ó máa ń ka àmì ohùn kan sí òmíràn, ó sì lè pe "rn" ní "m". Ojú ìwé tí a bá tún tẹ̀ báyìí kò ní jọ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Tó bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan sí mẹ́ta péré ni, àwòrán ni mo máa ń tún ṣe, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú iṣẹ́ kan tí mo rántí dáadáa. Ìwé pélébé kan ni, ìwọ̀n A5, tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ bí a ṣe ń kun ọ̀dà. Ní ojú ìwé 14, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún wákàtí mẹ́rin kí ẹ tó kun ọ̀dà kejì." Ọ̀dà tí wọ́n ń lò ti yàtọ̀ báyìí, wákàtí mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n fi dúró. Àwọn ló kọ ìwé náà, àwọn ló ni ẹ̀tọ́ láti yí i. Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kan náà ni àwọn kan ń gbà yí ìwé ẹ̀rí àti rìsíìtì ẹlòmíràn. Ìwé tó bá ní ìbuwọ́lùwé tàbí òǹtẹ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀, n kì í fọwọ́ kàn án, ẹni tó fún wọn ni kí wọ́n padà lọ bá.

Ohun àkọ́kọ́ ni bí àwòrán náà á ṣe jáde láti inú PDF láìfarapa. Àwọn kan máa ń ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà, èyí sì ti sọ ìwé tó mọ́ di ìwé tó ń ṣú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń fi GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ṣí PDF náà tààrà, GIMP á sì bi wọ́n ní iye píkísẹ́lì tí wọ́n fẹ́, á wá tún gbogbo rẹ̀ yà ní ìwọ̀n tuntun. Lẹ́tà á ti rọ̀ díẹ̀, bí wọn ò tiẹ̀ fura. Àwòrán tí síkáánà yà gan-an wà nínú PDF náà, a kàn fẹ́ yọ ọ́ bó ṣe wà ni, àṣẹ méjì yìí ni mo sì ń tẹ̀ fún kọ̀ǹpútà:

```
pdfimages -list iwe.pdf
pdfimages -all -f 14 -l 14 iwe.pdf oju
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń fi hàn mí bóyá àwòrán kan ló wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan àti iye píkísẹ́lì tó wà nínú íǹṣì kan. Tiwọn jẹ́ 300, ìyẹn ni pé ojú ìwé A5 náà jẹ́ 1748 ní ìbú, 2480 ní gígùn. Ìlà kejì ló yọ ọ́ jáde. Tí ẹ bá rí àwòrán méjì tàbí mẹ́ta lórí ojú ìwé kan ṣoṣo, síkáánà náà ti ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára bébà kí fáìlì má bàa tóbi, ohun tí ẹ bá sì yọ kò ní pé. Nígbà yẹn ni mo máa ń lo `pdftoppm -r 300 -png` láti ya gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ohun tí yóò wá sí ọkàn gbogbo ènìyàn ni pé ká wá fọ́ǹtì tó jọ ti ìwé náà, ká fi bo ibi tí "mẹ́rin" wà, ká sì tẹ "mẹ́fà" lé e. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ojú kò sì ní ṣàì mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe fọ́ǹtì nìkan ni ìṣòro. Lẹ́tà tó ti kọjá lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tó ti lo ọdún lórí bébà, tó sì ti gba iwájú síkáánà kọjá, ti sanra díẹ̀, etí rẹ̀ ò dán, dúdú rẹ̀ kò sì dúdú tán. Nínú ìwé yìí, inú lẹ́tà wà ní nǹkan bí 48 nínú ìwọ̀n tí 0 jẹ́ dúdú pátápátá tí 255 sì jẹ́ funfun pátápátá, bébà sì wà ní nǹkan bí 240, kò dé 255. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ máa ń wà ní 0 gédégédé. A lè fi Gaussian Blur rọ̀ ọ́, ká sì sọ dúdú rẹ̀ di 48, àmọ́ a ó kàn máa lé ìjọra kiri ni.

Lẹ́tà tó bá ìwé náà mu jù lọ ti wà nínú ìwé náà tẹ́lẹ̀. Kí a yá a níbẹ̀ ló dára. Mo kọ́kọ́ máa ń wá odindi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́. Tí kò bá sí, mo á wá apá ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo lè rí. Lẹ́tà ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló kẹ́yìn, torí tí ẹ bá yá lẹ́tà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yin lẹ ó pinnu àlàfo tó wà láàárín wọn, ibẹ̀ sì ni àṣírí ti máa ń tú. Nínú iṣẹ́ yìí, "mẹ́" kò ní kúrò níbi tó wà. "Rin" nìkan ló máa di "fà". "À" wà nítòsí nínú "wákàtí" lórí ìlà kan náà, "f" sì wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n orí "f" nínú fọ́ǹtì yẹn tẹ̀ síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àmì ohùn tó wà lórí "à". Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń yàgò fún ara wọn, èmi ò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, "fà" tí àwọn méjèèjì ti jọ wà pọ̀ ni mo ní láti wá.

Mo ní kí Tesseract ka gbogbo ìwé náà, mo sì wá "fa" láìfi àmì sí i, torí mo mọ̀ pé kò ní ka àmì náà bó ṣe yẹ. Ó gbé ọ̀pọ̀ jáde: "ẹ fa búrọ́ọ̀ṣì", "ẹ fa ìlà", "ẹ fa àkàbà súnmọ́ ọn". Kò sí èyí tó wúlò nínú wọn, nítorí tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé "fà" lẹ́yìn, àmì ohùn ìsàlẹ̀ a kúrò lórí rẹ̀. Ó ku kí n wá ibi tí wọ́n ti lò ó pẹ̀lú arọ́pò orúkọ. Ní ojú ìwé 9, mo rí i: "ẹ fà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀". Ìwọ̀n lẹ́tà kan náà ni, kì í ṣe àkọlé, wọn kò sì kọ ọ́ ní dúdú kíríkírí. Ẹ máa wo ìwọ̀n yẹn dáadáa, torí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán nínú irú ìwé báyìí sábà máa ń kéré díẹ̀ sí ti inú ìwé, bí a bá sì fẹ lẹ́tà kí ó lè tóbi dé ìwọ̀n, etí rẹ̀ á rọ̀ ju ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Kí n tó lẹ ohunkóhun, mo nu "rin" kúrò. Kì í ṣe pé mo kun ibẹ̀ ní funfun o. Clone ni mo lò, irinṣẹ́ GIMP tó ń ṣẹ̀dà apá kan àwòrán sí ibòmíràn, mo sì mú bébà láti àlàfo tó wà láàárín ìlà méjì, ní òkè ọ̀rọ̀ náà gan-an. Bébà kò rí bákan náà jákèjádò ojú ìwé: ó máa ń ṣú lọ sí ibi tí wọ́n ti gán ìwé pọ̀, òjìji ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń hàn fírífírí. Ẹni tó bá mú bébà láti etí ìwé lọ́hùn-ún á fi àbùlẹ̀ tó mọ́ jù síbẹ̀. Mo tún máa ń fi Clone tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ibi méjì mẹ́ta, kí ohun kan náà má bàa hàn léraléra.

Nígbà tí mo gé "fà" láti ojú ìwé 9, ó gbé bébà tirẹ̀ dání, bébà yẹn sì fi díẹ̀ mọ́ ju ti 14 lọ. Tí mo bá lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, àpótí kékeré kan á yí i ká. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fi í sí ìpele tirẹ̀ nínú GIMP, mo á ṣí Levels, ibi tí a ti ń yí dúdú àti funfun padà, fún ìpele yẹn nìkan, mo á fa ọwọ́ funfun wọlé títí bébà tó wà lẹ́yìn lẹ́tà náà á fi di 255 pátápátá. Lẹ́yìn náà mo á yí ọ̀nà ìdàpọ̀ ìpele náà sí Multiply. Ohun tó bá funfun pátápátá kò ní ipa kankan nínú Multiply, bébà 14 á sì yọ láti abẹ́ rẹ̀, lẹ́tà nìkan ló máa kù. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fa ọwọ́ náà jù, torí eérú tó wà létí lẹ́tà náà á bá bébà lọ, lẹ́tà á sì rù. Tẹ́ ẹ bá rí i pé "fà" tínrín ju "mẹ́" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó fà á nìyẹn. Nígbà tí mo fi atọ́ka àwọ̀ wo inú "f", ó wà ní 58, nígbà tí "m" wà ní 48. Mo fa ọwọ́ dúdú inú Levels wọlé díẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi bára mu.

Ibi tí wọ́n á dúró sí ló kàn. Bébà náà kò tọ́ sójú síkáánà tán, ó yẹ̀ ní nǹkan bí dígíríì 0.6, ìlà tó gùn tó 1200 píkísẹ́lì á ti fi bíi 12 sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé òpin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ́kọ́ yí ojú ìwé náà kó lè tọ́. Èmi kì í ṣe é, nítorí yíyí àwòrán ń da gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ rú nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Fà" kò gùn tó 40 píkísẹ́lì, ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ yíyẹ̀ náà kò tó ìdajì píkísẹ́lì kan, kò nílò yíyí rárá. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáà bá ẹsẹ̀ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dọ́gba ni. Ẹsẹ̀ "m" ni mo fi wọn ẹsẹ̀ "f", torí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì pẹrẹsẹ. Lẹ́tà róbótó bí "ẹ" àti "o" máa ń fi píkísẹ́lì kan wọ abẹ́ ìlà, ẹni tó bá fi wọ́n wọn á gbé ọ̀rọ̀ náà wálẹ̀ jù. Bọ́tìnì ọlọ́fà lórí kíbọ́ọ̀dù ni mo ń lò láti sún un, píkísẹ́lì kan lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó jókòó tán, àlàfo ńlá ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀. "Rin" gba nǹkan bí 56 píkísẹ́lì, "fà" kò gbà ju 39 lọ, 17 ṣẹ́ kù. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ nínú ìwé náà kò ju bíi 13 lọ. Àlàfo 13 tó bá di 30 á dà bí eyín tó yọ lẹ́nu. N kò sì lè fa gbogbo ìlà náà wá sápá òsì, torí ìwé náà tẹ́jú lápá ọ̀tún, ìlà kan ò gbọdọ̀ kúrú. Ó di dandan kí n pín 17 yẹn. Àlàfo mẹ́fà ló wà lẹ́yìn "mẹ́fà" títí dé "kejì". Mo fún márùn-ún nínú wọn ní 3, mo fún ọ̀kan tó kẹ́yìn ní 2. Èyí túmọ̀ sí pé "kí" sún sí òsì ní 14, "ẹ" ní 11, "tó" ní 8, "kun" ní 5, "ọ̀dà" ní 2, "kejì" kò sì kúrò lójú kan. Mo gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bébà tó wà lára wọn, mo sún wọn, mo sì fi Clone dí àwọn etí. Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ibí yìí ló gba àkókò jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í ṣe.

Ojú nìkan kò tó láti yẹ iṣẹ́ wò. Mo máa ń so gbogbo ìpele pọ̀ lórí ẹ̀dà kan, mo á ṣí Levels, mo á sì fa ọwọ́ dúdú rẹ̀ lọ bá ọwọ́ funfun títí bébà fúnra rẹ̀ á fi máa rí ṣákaṣàka. Gbogbo àbùlẹ̀ tó fara pamọ́ ló máa jáde nígbà yẹn: ibi tó tẹ́jú jù, ibi tó mọ́ jù, àpótí tí a rò pé kò sí mọ́. Ẹni tó bá fi fọ́tòkọpí ṣe ẹ̀dà ìwé náà lọ́la á rí wọn, torí bí ẹ̀rọ fọ́tòkọpí náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ní ti ìwé tiwọn, etí apá òsì "tó" ló hàn, mo sì tún un ṣe.

PNG ni mo gbé e jáde sí. JPEG máa ń ju eruku sí etí lẹ́tà nígbàkigbà tí a bá fi í pamọ́, tí a bá sì ń ṣí i tí a tún ń fi í pamọ́, eruku á máa pọ̀ sí i. Dídá a padà sínú ìwé kò le:

```
img2pdf --pagesize A5 oju14.png -o oju14.pdf
qpdf --empty --pages iwe.pdf 1-13 oju14.pdf 1 iwe.pdf 15-z -- titun.pdf
```

Ẹ má gbàgbé `--pagesize` yẹn. Tí PNG náà kò bá gbé iye píkísẹ́lì íǹṣì kan dání, img2pdf á fi 96 sí i, ojú ìwé 14 á sì tóbi ju àwọn tó yí i ká lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ohun kan ṣì kù tó jẹ́ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ àwòrán dáadáa pàápàá kì í rántí. Púpọ̀ nínú àwọn PDF tí síkáánà yà ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí a kò rí, tí ẹ̀rọ kà látinú àwòrán tó sì fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí a lè máa wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé náà. Ẹni tó bá fi àpótí funfun bo "mẹ́rin" nínú PDF, tó sì tẹ "mẹ́fà" lé e, kò fọwọ́ kan ìyẹn. Ojú á ka mẹ́fà, àmọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀dà ìlà náà kó sínú àtẹ̀jíṣẹ́ á rí mẹ́rin níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè fún afọ́jú náà á sì pe mẹ́rin. Mo ti gba ìwé rí tí wọ́n fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ bo nọ́ńbà fóònù ẹnì kan. Nọ́ńbà náà pé perepere lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni `pdftotext` tú síta.

Nítorí pé látinú PNG ni ojú ìwé 14 tuntun ti wá, kò ní ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí àwọn ojú ìwé tó kù ṣì ní tiwọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè ní kí ẹ̀rọ ka ojú ìwé tí kò ní ọ̀rọ̀ nìkan, kí ó fo àwọn yòókù:

```
ocrmypdf -l yor --skip-text --output-type pdf titun.pdf pari.pdf
pdftotext -f 14 -l 14 pari.pdf -
```

Ìlà kejì fi ohun tó kà hàn mí. Ó pe "mẹ́fà" ní "mefa", láìsí àmì kankan, bó ṣe ṣe fún ìdajì ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé náà. N kò bá a jà lórí ìyẹn. "Mẹ́rin" ti kúrò, ẹni tó bá wá "mefa" á sì rí i. Mo wá bi àwọn tó ni ìwé bóyá wọ́n fẹ́ kí n fi "Àtúnṣe" àti ọdún sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé 14, torí àwọn ọmọṣẹ́ kan ti ní ẹ̀dà àtijọ́ lọ́wọ́, àríyànjiyàn lórí wákàtí mẹ́rin àti mẹ́fà kò sì ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi sí i. Lẹ́tà gbogbo ohun tí mo nílò wà nínú ìwé náà, yàtọ̀ sí "À" ńlá tí mo ní láti wá ní ojú ìwé ìparí tí wọ́n kọ orúkọ àwọn irinṣẹ́ sí. Ọdún ló yọ mí lẹ́nu jù, torí nọ́ńbà 2 tó wà nínú ìwé náà kò pọ̀, ẹyọ kan péré ló sì mọ́ tó láti yá.